Ojú Tí Fóònù Náà Mọ̀

Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé gíláàsì ojú fóònù tó bá fọ́ ló ń bá èèyàn pààrọ̀. Yàrá iwájú ilé wa ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kó lọ síbòmíràn tí kò mú un dání, ọkọ mi ló ní kó máa bọ̀. "Yàrá tó bá ṣófo, eku ni í gbà á," ó wí. Bí ọ̀dọ́bìnrin náà ṣe wọlé wa nìyẹn, tòun ti àpótí irinṣẹ́ kan àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe máa kọjá tẹ́ ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń sunkún. "Rọra, olówó orí mi, gíláàsì nìkan ni mo fẹ́ yọ." Awò kékeré kan wà níwájú orí rẹ̀ tó máa ń fà wá sójú bó bá fẹ́ wo ohun tó tín-ín-rín. Irin pẹlẹbẹ kan sì wà lórí tábìlì rẹ̀, gbígbóná, tó ń gbé fóònù lé kí gọ́ọ̀mù abẹ́ gíláàsì lè rọ̀. Irin yẹn ti jó orí ìka rẹ̀ títí tí ìlà rẹ̀ fi pa rẹ́, tí ìka náà ń dán. Fóònù tirẹ̀ gan-an, nọ́ńbà ló fi ń ṣí i.

"Màmá," ó máa ń wí fún mi, "gbogbo ẹ̀rọ yìí ni mo mọ̀, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó mọ̀ mí. Bí mo bá lọ jalè, ẹ bá mi kí ọlọ́pàá kú iṣẹ́."

Alágbàfọ̀ ni èmi. Ọṣẹ àti omi ti lá ìka mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a máa di ọṣẹ. Ìka náà nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi ní a gbọ́dọ̀ ra fóònù gidi kan tí àwa méjèèjì á jọ máa lò, ọ̀dọ̀ Onígíláàsì la lọ, kó bá wa wo èyí tó máa gbọ́ tiwa.

Ó to mẹ́ta sórí tábìlì. Ó gbé àkọ́kọ́ fún mi. Ojú rẹ̀ tẹ́ lọ gbalasa, kò sí bọ́tìnì kankan níwájú rẹ̀.

"Ẹ gbé àtàǹpàkò yín lé ibi tí iná yẹn ti ń tàn."

Mo gbé e lé e. Iná aláwọ̀ ewé kan là lábẹ́ ìka mi, àfi bí ẹni pé nǹkan kan jí nísàlẹ̀ odò. A dúró. Fóònù náà gbọ̀n, ó ní òun ò mọ̀ mí.

"Àwòrán ìlà ìka yín ló ń yà láti abẹ́ gíláàsì," Onígíláàsì wí. "Bí ìlà ò bá sí, kí ló fẹ́ yà? Irú eléyìí sì máa ń ronú díẹ̀ kó tó ṣí. Bí ẹ bá tún wá lọ lẹ ike tó nípọn mọ́ ọn lójú, á ní òun ò rí yín rí."

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbẹ́ ni ibi ìtẹ̀ka rẹ̀ wà, lórí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan fóònù náà fúnra rẹ̀, tín-ín-rín bí èékánná ọmọdé. Ọkọ mi kọ́kọ́ tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn léraléra kó lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, fóònù ti ṣí.

"Háà! Eléyìí yára ju ìyá àwọn ọmọ mi lọ bí mo bá kan ilẹ̀kùn."

"Ẹ tètè máa dé kí oorun tó gbé mi lọ ná," mo dá a lóhùn.

Nígbà tó kàn mí, omi ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò gbà mí rárá. Mo nu ọwọ́, ó gbà mí lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀ mí, ó tún kọ̀ mí.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ojú èèyàn ló ń wò. Onígíláàsì ní iná kan wà nínú rẹ̀ tí ojú wa ò lè rí, tó ń ta sójú èèyàn, tó fi ń wọn bí imú ṣe yọ àti bí ojú ṣe jìn. Òkùnkùn ò dí i lọ́wọ́, àwòrán ò sì lè tàn án jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó pe iye rẹ̀, ọkọ mi gbé e padà sórí tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ.

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì náà lè wojú o," Onígíláàsì wí, "àmọ́ kámẹ́rà lásán ló fi ń wò ó. Ó yára, ọwọ́ ọlọ́ṣẹ ò kàn án. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn kò ríran, òun náà ló sì rọrùn jù láti tàn jẹ nínú gbogbo ohun tí mo fi hàn yín. Báǹkì pàápàá ò gbà á gbọ́. Ìka ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ mú wá."

"Ta ló fẹ́ tàn án jẹ nínú ilé tiwa?" ọkọ mi bi í.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe mú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àtàǹpàkò ni tirẹ̀, ojú ni tèmi.

Nígbà tí àìsàn wá dé bá ọkọ mi, ọwọ́ rẹ̀ wú, òógùn ò sì kúrò lára rẹ̀. Ìka tí fóònù mọ̀ di ìka àjèjì. Mo ń wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń tẹ ẹ̀gbẹ́ fóònù, tó ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tí wọ́n ti ilé rẹ̀ mọ́ síta. Onígíláàsì ló wá jókòó tì í, tó gbé fóònù náà síwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ wo ibí yìí bí ẹni tó fẹ́ bú mi." Ó fi ojú rẹ̀ kún tèmi nínú fóònù náà. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti gbé e sókè, ó ti ṣí.

"Ó ṣì ku nǹkan kan tó mọ̀ mí," ọkọ mi wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sí i tó fi lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ wá fún mi, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ títí tí ojú rẹ̀ fi tóbi tó ojú èèyàn gan-an. Mo gbé e sórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ṣájà wà ní pálọ̀. Mo fi fóònù ti kọ́ọ̀bù níwájú rẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí i, ìwọ̀n bí èèyàn ṣe máa ń na fóònù síwájú ara rẹ̀. Kò sí ìdí mìíràn. Mo kàn rò pé kò bójú mu kí fóònù náà kẹ̀yìn sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. Iná ti lọ láti ọ̀sán, mo ń ká aṣọ oníbàárà kan nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì. Iná dé. Gílóòbù tàn. Lẹ́yìn náà ni ojú ọkọ mi tàn lọ́tọ̀, láti ìsàlẹ̀ wá, ìmọ́lẹ̀ tútù kan báyìí tí kì í ṣe ti gílóòbù. Mo sì gbọ́ ọ: *kọ́*. Ohùn tí fóònù náà máa ń ṣe nìyẹn bó bá ṣí.

Mo dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, mo lọ wò ó. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwòrán ọmọ-ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Láti ọjọ́ náà ló ti di bẹ́ẹ̀. Iná á dé, gílóòbù á tàn, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, *kọ́*. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. "Ẹ káàbọ̀," mo máa ń wí, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ìgbà kan wà tí gílóòbù pálọ̀ jó. Iná dé, mo mọ̀ nítorí pé fáànù yí. Ojú ọkọ mi mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn, òun nìkan ṣoṣo nínú gbogbo yàrá. Mo ń retí *kọ́*. Kò dún. Ìmọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń wò, ó ń wò, ó sì kú. Ó dà bíi pé ẹnì kan dé ẹnu ọ̀nà tí kò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ra gílóòbù mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì ló tú u síta. Ó wá gba aṣọ tó ní kí n bá òun lọ̀, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí iná dé.

Ó yíjú síbẹ̀. "Màmá, ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Fóònù yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí!"

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó máa ń ṣe báwo?"

Ó sá. Aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, bàtà rẹ̀ kan wà ní ẹnu ọ̀nà mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti gbó, ó ti bí ọmọ. Wọ́n ní Onígíláàsì ló fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ ẹ̀mí òkú mọ́ fóònù. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tó fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀, pé ta ni ẹ rò pé ó ń dá a lóhùn? Wọ́n ní ẹ wo ìka rẹ̀, ṣé ìka èèyàn nìyẹn? Obìnrin kan wá gba fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lọ́tọ̀.

"Kò tíì parí, Àǹtí."

"Gbé e fún mi bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó fọ́ ju kó máa wò mí lọ."

Tábìlì Onígíláàsì ṣófo. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò bá nǹkan kan sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó síbẹ̀, awò wà níwájú orí rẹ̀, yàrá náà sì dákẹ́ bí ìgbà tó ṣófo.

Àkọ́bí mi ọkùnrin gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, awakọ̀ ni. Kò tíì mú ọkọ̀ dúró dáadáa tó ti ń pariwo.

"Ìwọ obìnrin yìí! Kó ẹrù rẹ kúrò ní ilé bàbá mi. Lónìí!"

"Bọ̀dá, ẹ kú ọ̀nà."

"Má kí mi!"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí fóònù náà. Ohun táwọn èèyàn ń sọ ni mo ń gbọ́, mi ò tíì rí i. Bí mi ò bá mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ ò ní tún un sọ, màá kó jáde."

Ibo ló fẹ́ kó lọ? Gbogbo wa la mọ̀ pé kò ní ibòmíràn. Bàbá ọmọ yìí kan náà ló fún un ní yàrá. Mo ní kí wọ́n wọlé.

Onígíláàsì bi mí ní ohun tí mo ti rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti gílóòbù tó jó. Nígbà tó gbọ́ ìyẹn, ó gbé orí sókè. Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó gbé fóònù kúrò, ó fi ojú ara rẹ̀ sí àyè rẹ̀, ó sì ń wo ohun tí fóònù ń wò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Òun àti ọkọ mi ń wo ara wọn.

"Màmá," ó wí jẹ́jẹ́, "Bàbá ló ń ṣí i."

"Ẹ ò rí i!" ọmọ mi fò dìde. "Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́!"

"Ẹ ní sùúrù." Ó dá fóònù padà síbi tó wà, ó yọ ṣájà, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ojú fóònù là, ojú ọkọ mi mọ́lẹ̀. *Kọ́*. "Iná tó bá dé ló ń jí i, nítorí pé ṣájà wà lára rẹ̀. Bó bá ti jí, á wò ó bóyá òun mọ ẹni tó wà níwájú òun. Kámẹ́rà lásán ò lè mọ ojú tó ń mí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà. Bí kò bá sí gílóòbù, kò lè ríran." Ó yí àwòrán náà, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ó tún yọ ṣájà, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Fóònù jí, àmì àgádágodo wà lójú rẹ̀, kò sì dún.

Aránṣọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọjú. "Ṣé ó ti jáde?"

"Ta ló jáde?"

"Òkú yẹn."

"Kò wọlé, kí ló fẹ́ jáde?" Onígíláàsì yíjú sí mi. "Màmá, lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣé fóònù yìí máa ń béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ní àárọ̀. Mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́."

"Bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ ni, ì bá má gba ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fún un láyè kó máa mọ Bàbá."

Mo wo ìka tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ mi ti rọlẹ̀ díẹ̀. "Ìyẹn ni pé, bí àwòrán bá ti kẹ̀yìn, kò ní ṣí?"

"Kò ní ṣí, Bọ̀dá. Ẹ wò ó." Ó pa iná ojú fóònù náà, ó sì gbé e sókè síwájú ọmọ mi kó lè rí àgádágodo náà.

*Kọ́*.

Ó ṣí.

Aránṣọ figbe ta, ó sì sá lọ, bàtà méjèèjì ló kó lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yìn àwòrán náà ló kọ sí wa, pákó lásán. Mo rí i pé ẹ̀rù ba Onígíláàsì pàápàá, mo sì mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá ti bà á, yàrá iwájú ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"O ní kò ní ṣí," ọmọ mi wí. Kò pariwo mọ́, ìyẹn gan-an ló burú.

Onígíláàsì fa awò rẹ̀ wá sójú, ó sì wo ọmọ mi bó ṣe máa ń wo gíláàsì tó ní ìlà tín-ín-rín. Ó pa fóònù, ó gbé e síwájú ara rẹ̀: àgádágodo. Ó gbé e síwájú ọmọ mi: *kọ́*.

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá," ó wí. "Ẹ̀yin ló ń pè ní Bàbá."

Ìmọ́lẹ̀ tútù yẹn wà lójú ọmọ mi láti ìsàlẹ̀ wá. Iwájú orí yẹn, bí ojú ṣe wọnú, bí ètè ìsàlẹ̀ ṣe yọ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bú èèyàn. Ọkọ mi ló dúró síbẹ̀, kó tó hu ewú. Ó kù díẹ̀ kí n kí i káàbọ̀.

"Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbí," Onígíláàsì tún wí. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóònù. Fóònù gbọ̀n, ó kọ̀ ọ́. "Ẹ rí i? Èèyàn lè jogún ojú. Ìka ò ṣeé jogún, ìbejì pàápàá ò ní in pọ̀."

Ọmọ mi jókòó. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á, ó gbé e síwájú ara rẹ̀, ó ṣí. Ó tún pa á.

"Kò burú," ó wí nígbà tó yá. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má yọ ojú Bàbá kúrò."

"Bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́ ni, Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n iná á dé lọ́la, á sì tún ṣí. Mo lè ṣàlàyé títí, aránṣọ ò dúró gbọ́. Ẹ̀yin náà lẹ máa padà wá ní kí n kó jáde."

Wọ́n jọ wo ojú mi. Ẹni tí ọmọ mi fẹ́ kó ṣì máa ṣí fóònù yìí náà ló ní kí Onígíláàsì máa bọ̀. Ọkàn mi lọ, ó bọ̀. Ọ̀kan ṣì ń mí nínú wọn, ó sì nílò yàrá.

"Yọ ọ́," mo wí. "Yọ tèmi náà. Àwòrán tèmi ń bọ̀ wá wà lórí tábìlì lọ́jọ́ kan."

Kó tó yọ ọ́, ó wá ìka fún mi ná. Ó nu ọwọ́ mi gbẹ, ó ń fi awò wo ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka ò dọ́gba lóòótọ́: ọmọ ìka ọwọ́ òsì mi, tí kì í bá wọn fọ aṣọ, tó máa ń dá dúró bí ọ̀lẹ, ìlà ṣì wà lórí rẹ̀. "Ọ̀lẹ yìí ló máa gbà yín," ó wí. Ó fi í sínú fóònù lẹ́ẹ̀mejì, kó lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́, ó ṣí wàràwàrà.

Lẹ́yìn náà ó ṣí ibi tí fóònù kó ojú wa pamọ́ sí, ó gbé e wá síwájú mi. Fóònù béèrè bóyá ó dá mi lójú. Ó ní èmi ni kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún rárá.

Ó lọ fa aránṣọ wá. A yí àwòrán padà, ó yọ ṣájà, ó kì í bọ̀ ọ́. Ojú ọkọ mi mọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àgádágodo wà níbẹ̀. A dúró títí tí ìmọ́lẹ̀ fi kú.

"Ó ti lọ?" aránṣọ bi wá.

"Ó ti lọ," ni mo wí.

Onígíláàsì ṣì wà ní yàrá iwájú. Obìnrin yẹn gbé fóònù rẹ̀ padà wá fún un láti parí, ó sì ní òun kò sọ nǹkan kan nígbà náà o. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo ti ń fọ aṣọ: "Rọra, olówó orí mi." Bí iná bá dé, ojú ọkọ mi ṣì máa ń mọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo máa ń dúró díẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́.

Ọmọ mi ti ń wálé gan-an báyìí, ó ní ọ̀nà ibí ló yá jù. Bí mo bá jáde lọ sá aṣọ, ó máa ń rò pé mi ò rí òun láti ojú fèrèsé. Ó máa ń gbé fóònù náà sókè síwájú ojú rẹ̀, á dúró, kò ní mí. Lẹ́yìn náà, á rọra fi í ti kọ́ọ̀bù padà, á kọjú rẹ̀ sí bàbá rẹ̀.